Ìdí Tí Ìjàpá Fi Ń Kó Orí Wọ Ìkarahun

Ọmọdé tó bá bá ìjàpá pàdé lẹ́yìnkùlé kì í pẹ́ béèrè nǹkan méjì: kí ló dé tó fi sá pamọ́, àti pé ṣé ó lè bọ́ ìkarahun yẹn sílẹ̀ kó jáde? Àgbàlagbà tó wà nítòsí sábà máa ń fi àlọ́ dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn, á sì rẹ́rìn-ín sí èkejì. Àlọ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí dáhùn méjèèjì. Ìjàpá inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó sì ń jẹ gbèsè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sá pamọ́ nínú ìtàn náà ni ìjàpá inú igbó ń ṣe é ní tòótọ́. Òbí lè kà á fún ọmọ lálẹ́. Àlàyé tó tẹ̀ lé e wà fún òbí fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ á béèrè.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ yìí dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ayé àtijọ́, gbogbo ẹranko ló ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá fún Ẹkùn, àfi Ìjàpá. Ehoro ní eré, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní igi, Òkété ní ihò. Ìjàpá gbéra, ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n kọ́ òun ní ọgbọ́n wọn, òun á fi ẹ̀wà àti epo san oore náà lọ́jọ́ ọjà.

Ehoro ló kọ́kọ́ gbà. "Ìjàpá, na ẹsẹ̀ rẹ!" Ìjàpá nasẹ̀ títí, ẹsẹ̀ náà kò kọjá etí ìkarahun rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ mú un dé ìdí ọ̀pẹ. Kò tíì gùn ún dé ibì kankan tó fi já bọ́ gbàà. Òkété ní kó máa gbẹ́lẹ̀. Èyí ni Ìjàpá mọ̀ díẹ̀: ó gbẹ́, ó gbẹ́, orí wọlé, ọwọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ìkarahun há sẹ́nu ihò.

Òkété ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bọ́ ẹ̀wù yẹn síta kí o tó wọlé."

Ìjàpá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀wù ni? Egungun ẹ̀yìn mi ni. Ṣé ìwọ ti bọ́ ẹ̀yìn rẹ síta rí?"

Ibi tí wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ ni Ẹkùn ti bẹ́ jáde. Ehoro fò, Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi, Òkété rá wọ ihò. Ó wá ku Ìjàpá ní gbangba, òun àti Yánníbo àti ọmọ wọn kékeré. Yánníbo ti ọmọ sábẹ́ ewé gbígbẹ, ó ní, "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ kò tíì yọ, ewé ni kí o fi bora." Òun náà fara pamọ́. Ẹ̀rù ba Ìjàpá. Ó fa orí, ó fa ẹsẹ̀, ó fa ìrù, gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá jáde: fùùùù!

Ẹkùn ta gìrì. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó fi èékánná ha ìkarahun, èékánná yọ̀. Ó gbé e sẹ́nu, eyín kò wọlé. Ó wo iwájú, ó rí ọwọ́ líle tó bo ojú. Ó wo ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Ebi ń pa á, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, Ehoro, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òkété wá gba ẹ̀wà wọn. Ìjàpá gbúròó ẹsẹ̀ lókèèrè. Bóyá Ẹkùn ni, bóyá olówó ni, kò dúró wò ó. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kan ìkarahun títí, kò dáhùn. Yánníbo dá orin, ọmọ rẹ̀ ń gbè é:

Ẹsẹ̀ ta ló ń bọ̀ un o?
Wọlé, Ìjàpá, wọlé!
Bó ṣẸkùn ni, bó ṣolówó ni,
Wọlé, Ìjàpá, wọlé!

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, Ìjàpá á kọ́kọ́ wọlé ná kó tó mọ ẹni tó dé.

Àlọ́ parí síbẹ̀. Èsì tí Ìjàpá fún Òkété ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Egungun ìhà ìjàpá àti egungun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló fẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n di ìkarahun òkè. Àwọn egungun mìíràn ló so pọ̀ di ti ìsàlẹ̀, ọ̀nà méjèèjì sì pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá kà wọ́n pọ̀, egungun náà lé ní 50. Lára ènìyàn, orí egungun ìhà ni egungun èjìká wà, ṣùgbọ́n lára ìjàpá, abẹ́ egungun ìhà ni èjìká wà. Ohun tí èékánná wa fi ṣe ni àwọn àwẹ́ tí a ń rí lórí ìkarahun náà fi ṣe. Lábẹ́ àwẹ́ yìí, egungun tó ní ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ni, ìdí nìyẹn tí ìjàpá fi ń mọ̀ bí ọwọ́ bá kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ìkarahun òfìfo tí ọmọ bá rí nínú oko kì í ṣe ilé tí ìjàpá kó kúrò nínú rẹ̀. Ìjàpá tó kú ni.

Fùùù tó lé Ẹkùn sẹ́yìn náà kì í ṣe àdámọ̀ àlọ́. Abẹ́ ìkarahun òkè gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró ìjàpá wà. Nígbà tí ọrùn bá ká wọlé, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹ̀ lé e, àyè á dínkù nínú, afẹ́fẹ́ á sì gba imú jáde pẹ̀lú agbára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbínú ni ìjàpá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bínú o. Ó ń ṣe àyè fún orí rẹ̀ ni. Nítorí pé egungun ìhà rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, kò lè gbé àyà sókè sódò bí a ti ń ṣe tí a bá ń mí. Iṣan inú ikùn àti mímì ẹsẹ̀ ló fi ń fa afẹ́fẹ́. Bó bá ti ká wọlé pátápátá, mímí á ṣòro fún un, ṣùgbọ́n ó lè pa èémí mọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó yọjú.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìjàpá tiwa ló ni ín. Àwọn ìjàpá igbó àti ti ọ̀dàn tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá wà lára ìdílé kan tí ìkarahun òkè wọn ń ṣẹ́ ní apá ẹ̀yìn. Ìlà kan tó rọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀rù bá bà á, apá ẹ̀yìn ìkarahun á wálẹ̀, á sì bo ìrù àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìjàpá mìíràn láyé tó ní irú ilẹ̀kùn yìí, ìsàlẹ̀ ikùn ni tiwọn wà. Ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni a ti ń rí èyí tó ní in lórí ẹ̀yìn. Àwọn àgbà wa sì ti máa ń pa á lówe pé ilé ahun kò gba ahun, pé nígbà tí ó kọ́lé tán ló yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbàdí. Kí òbí kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má ki ìka bọ ibẹ̀, nítorí ó lè há a mọ́nú.

Ọ̀rọ̀ Yánníbo náà bá èyí mu. A kì í bí ọmọ ìjàpá yìí pẹ̀lú ilẹ̀kùn. Bó bá ṣe ń dàgbà ni ìlà náà ń yọ. Nígbà tí ó ṣì kéré, ìkarahun rẹ̀ kò tíì le tó láti dá eyín dúró, nítorí náà abẹ́ ewé tó jábọ́ ló ń gbé jù.

Ibi tí ìkarahun ti wá gan-an jọ ẹ̀kọ́ tí Òkété kọ́ Ìjàpá. Ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, wọ́n rí egungun ẹranko kan tó ti di òkúta, tó ti gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 260 ọdún sẹ́yìn. Yunotosọ́rọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Kò ní ìkarahun, ṣùgbọ́n egungun ìhà rẹ̀ ti fẹ̀. Ọ̀kan tó dára jù nínú wọn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 8 ló rí i nínú oko bàbá rẹ̀. Ní ọdún 2016, Tyler Lyson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé ìhà fífẹ̀ yẹn kò lè jẹ́ fún ìdáàbòbò ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó ń dín ìṣísẹ̀ àti mímí ẹranko náà kù. Wọ́n ní gbígbẹ́lẹ̀ ló wà fún: ó ń jẹ́ kí ara dúró gírí nígbà tí ọwọ́ bá ń gbẹ́. Pẹ́ tó pẹ́ ni egungun náà tó lẹ̀ mọ́ra di ibi ìsápamọ́. Àlàyé yìí dára létí mi, nítorí ó fi hàn pé ẹ̀rù nìkan kọ́ ló bí ìkarahun.

Ìró ẹsẹ̀ ló kù. Ìjàpá kò gbọ́ ohùn tó ga dáadáa, ṣùgbọ́n ó tètè ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mì, ojú rẹ̀ sì ríran. Kò lè yà ẹsẹ̀ ọ̀tá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọ tó fẹ́ fún un ní ẹ̀fọ́ jẹ, nítorí náà á wọlé fún gbogbo wọn. Bó bá ti mọ ilé, tí nǹkan kan kò ṣe é, á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Èyí tó sì yẹ kó ba òbí lẹ́rù ni ìjàpá tí a fọwọ́ kàn tí kò fa orí wọlé rárá, tí ikun ń jáde nímú rẹ̀ tàbí tó ń la ẹnu mí. Àìsàn ni. Dókítà ẹranko ló yẹ kó rí i.

Ohun tó gba Ìjàpá lọ́wọ́ Ẹkùn kò gbà á lọ́wọ́ ènìyàn. Ọdẹ kì í sáré lé e; ó kàn máa bẹ̀rẹ̀, á gbé e sínú àpò. Iná igbó máa ń jó o mọ́ ibi tó ká ara rẹ̀ sí, mọ́tò sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ títì. Ọ̀kan lára àwọn ìjàpá igbó wa tó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà nínú àwọn ẹranko tí àjọ IUCN kọ sílẹ̀ pé ó súnmọ́ píparẹ́ jù lọ. Bí ọmọ yín bá mú ọ̀kan wálé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ìkarahun rẹ̀ ní ihò láti so okùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó wò ó títí orí á fi yọ jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ gbé e padà sí igbó tó ti mú un.