Fọ́tò Mẹ́rìnlá Lára Ògiri Kan

Nígbà tí aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, aṣọ náà kò tíì dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ á jọ ti ewé tó fẹ́ pọ́n. Afẹ́fẹ́ ló ń parí iṣẹ́: bó bá ti fẹ́ sí i díẹ̀, ojú aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, á sì di aró.

Ká ní ẹnì kan ya fọ́tò ìgbà méjèèjì. Bó bá gbé ọ̀kan kọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ògiri, tó gbé èkejì kọ́ sí ìparí, aṣọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùwòran yóò rò pé òun rí. Bó bá gbé wọn kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, olùwòran á rí ohun tí kámẹ́rà kò lè yà, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe ń yí padà láàárín ìgbà méjèèjì. Fọ́tò kan náà ni, ibi tí a gbé e sí ló yàtọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò ìpàtẹ fọ́tò ti yàtọ̀ sí ti ayàwòrán nìyẹn. Robert Frank ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lọ́dún 1955 àti 1956, ó wa mọ́tò káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì ya fọ́tò tó lé ní 27,000. Ó tẹ nǹkan bí 1,000 jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ilé rẹ̀, ó sì ń yọ wọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀. Fọ́tò 83 péré ló kù nínú ìwé rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ní Paris lọ́dún 1958. Kò tò ó ní ọjọ́ sí ọjọ́ tàbí ìlú sí ìlú. Àsíá Amẹ́ríkà ló ń padà yọjú lóòrèkóòrè bí ìtàn náà ṣe ń lọ, bí ẹni pé ó ń sọ fún òǹwòran pé ìpín mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n náà wúlò fún ìpàtẹ kékeré ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Ká fi ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ: wọ́n ya fọ́tò 160 nípa àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ògiri tí wọ́n sì rí gbà kò ju mítà 9 lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n nílò ni gbólóhùn kan tó sọ ohun tí ìpàtẹ náà dá lé. “Àdìrẹ Ìbàdàn” kì í ṣe gbólóhùn, orúkọ ni, kò sì sí fọ́tò kankan nínú 160 náà tí kò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ pé “Ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ni iṣẹ́ yìí wà, ọ̀dọ́bìnrin kan sì ń kọ́ ọ,” kíá ni fọ́tò alánkárá tó wà nítòsí wọn yóò bọ́ sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀dà kékeré, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n á sì tò wọ́n sórí tábìlì. Ojú fóònù kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí fọ́tò kan ṣoṣo ló ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá jọra á lọ sójú kan. Bí fọ́tò ọwọ́ ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀kan ni yóò dúró, èyí tí ìyẹ́, ẹ̀kọ àti ilà tuntun ti hàn pa pọ̀. Ìyẹn nìkan lè sọ 160 di 60. Ìgbà kejì ni wọ́n á bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe: ṣé ibi tí a wà ló ń fi hàn ni, àbí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àbí ohun tó yí padà? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn á kúrò.

Ibí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó dúró nínú òjò fún wákàtí méjì kó tó rí fọ́tò kan yà kò ní fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n olùwòran kò rí òjò náà. Ó dára kí ẹni tí kò ya fọ́tò kankan wà nídìí tábìlì.

Tábìlì náà a sì máa tú àṣírí. Nígbà tó ku 25, ẹgbẹ́ náà rí i pé ọ̀dọ́bìnrin tí gbólóhùn wọn dárúkọ kò sí níbì kankan, àfi lẹ́yìn èjìká ẹlòmíràn. Ẹnì kan ní láti padà lọ yà á. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi yíyàn sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìpàtẹ.

Nínú títò, ohun méjì ló gba ìṣọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ìjìnnà: bí fọ́tò ọwọ́ mẹ́ta bá tẹ̀ léra wọn, olùwòran á gbàgbé ibi tó wà, ó yẹ kí èyí tó fi gbogbo àgbàlá hàn bọ́ sáàárín wọn. Èkejì ni ohun tó ń padà wá. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ní àwọn òpó ńlá níwájú, àwọn òpó náà sì wà nínú ọnà àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn. Bí Mápó bá jẹ́ fọ́tò kìíní, tí òpó tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà bá wá yọ ní ìkẹfà, kò sí àkọlé tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó pa wọ́n pọ̀.

Kí wọ́n wo ojú àwọn ènìyàn inú fọ́tò náà. Bí ẹni tó wà ní ìparí ìpín kan bá kọjú síta, ojú olùwòran á tẹ̀ lé tirẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ògiri mítà 9 gba fọ́tò 14 tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti férémù rẹ̀, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Wọ́n pín wọn sí ìpín mẹ́rin, 3, 4, 4 àti 3: ìlú àti àwọn ìyá, ẹ̀kọ, aró, aṣọ tó ti gbẹ. Sẹ̀ǹtímítà 15 ló wà láàárín fọ́tò inú ìpín kan náà, 40 láàárín ìpín sí ìpín. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 8.3, ó sì ku sẹ̀ǹtímítà 35 ní ìkangun méjèèjì. Àlàfo ńlá yẹn ń ṣe iṣẹ́ ìpínrọ̀. Bí gbogbo àlàfo bá dọ́gba, ìtàn mẹ́rin á di ọ̀wọ́ kan gbọọrọ. Àárín férémù kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 150 sílẹ̀, ibi tí ojú àgbàlagbà tó dúró máa ń bọ́ sí.

Àkọlé wà lábẹ́ fọ́tò: orúkọ ìyá náà bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fọwọ́ sí i, àdúgbò, ọdún, àti ohun kan tí ojú kò lè rí. Lábẹ́ fọ́tò aṣọ aláwọ̀ ewé, “Aṣọ nínú aró” kò fi nǹkan kan kún un. “Ìgbà kẹta tó wọ inú ìkòkò lónìí” ló sọ ohun tuntun.

Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàtẹ, wọ́n fi téèpù lẹ ẹ̀dà kékeré mọ́ ògiri láìsí àkọlé, wọ́n sì pe aládùúgbò kan tí kò mọ̀dí iṣẹ́ náà kó sọ ohun tó rí. Ó sọ ọ́ dáadáa títí dé fọ́tò kẹrìnlá, níbi tí ìyàwó kan ti wọ àdìrẹ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìgbéyàwó ló wá já sí.” Ọ̀dọ́bìnrin náà ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n sún ìyàwó sí ìkẹtàlá. Fọ́tò tí wọ́n padà lọ yà ló wá wà ní ìparí: ìka tí aró ti kun dé èékánná, ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́, àti aṣọ funfun tí kò tíì ní ilà kankan.