Ohun tí Ilẹ̀ Kẹ́ńyà fi ń Tan Iná

Lẹ́bàá adágún Tọkánà, òkè Kúlálì àti òkè Níírù dojú kọ ara wọn. Atẹ́gùn tó bá gba àárín wọn kọjá máa ń le gan-an, ìdí nìyí tí wọ́n fi ri òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 365 síbẹ̀. Ó dùn mí pé wọ́n parí wọn ní 2017, àmọ́ wáyà tí yóò gbé iná náà dé ìlú kò délẹ̀ títí di 2018.

Olukaríà ló wù mí jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti là, iná abẹ́lẹ̀ sì sún mọ́ òkè. Wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn, oru omi gbígbóná tú jáde, ó ń yí ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru, òjò ìbáà rọ̀, ìbáà má rọ̀. Ìsédò odò Tánà kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọ̀dá bá dé, omi á fà, iná á sì dín kù. Gàrísà tí ìkùukùu kò pọ̀ ni wọ́n tẹ́ pátákó oòrùn sí.