Ọdún Kan, Iye Méjì: Bí Ṣíà Bọ́nọ́ọ̀sì àti Ṣíà Ẹ̀tọ́ Ṣe Ń Yí Èrè Orí Ṣíà Padà

Ìyá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn gbé ìwé ìròyìn ọdọọdún méjì wá bá mi. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni méjèèjì. Wọ́n ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ iye kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé àtijọ́ ní èrè orí ṣíà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 kọ́bọ̀ ní ọdún yẹn. Ìwé tuntun sọ̀rọ̀ nípa ọdún kan náà, ó ní 180 kọ́bọ̀ ni.

"Ọmọ mi, ọdún kan ni, iye méjì," ni wọ́n wí. "Èwo nínú wọn ni irọ́?"

Mo ní, "Kò sí irọ́ níbẹ̀, mà. Iye ṣíà ló yí padà láàárín ìwé méjèèjì." A jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Níhìn-ín, mo ti sọ iye ilé-iṣẹ́ náà di èyí tí ó rọrùn, kí ẹnikẹ́ni lè bá wa kà á.

Èrè orí ṣíà kì í ṣe àdììtú. Ilé-iṣẹ́ yóò san owó orí rẹ̀ tán, yóò yọ ti àwọn oníṣíà tí a ti bá ṣàdéhùn iye pàtó, yóò wá fi iye ṣíà tó kù pín èrè tó ṣẹ́ kù. Ní ọdún àkọ́kọ́, èrè ilé-iṣẹ́ yìí jẹ́ 1,800 mílíọ̀nù náírà, ṣíà rẹ̀ sì jẹ́ 900 mílíọ̀nù. Tí a bá pín in, náírà méjì ni, ìyẹn 200 kọ́bọ̀.

Ìsàlẹ̀ ìpín yìí ni wàhálà wà. Ṣíà kì í dúró sójú kan láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Bí ilé-iṣẹ́ bá ta ṣíà tuntun ní iye ọjà gan-an ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, owó tó wọlé fi oṣù mẹ́fà péré ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ìdajì àwọn ṣíà tuntun náà ni a ó kà fún ọdún yẹn. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí à ń pè ní IAS 33, tí àwọn ilé-iṣẹ́ orí ọjà ṣíà Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bọ́nọ́ọ̀sì yàtọ̀. Nínú bọ́nọ́ọ̀sì, ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn oníṣíà ní ṣíà láìgba kọ́bọ̀. Ó dà bí ẹni tí ó gé búrẹ́dì kan sí ègé mẹ́rin, tí ó tún wá gé e sí mẹ́jọ. Ègé pọ̀ sí i, búrẹ́dì kò tóbi sí i. Níwọ̀n bí owó kankan kò ti wọlé, kò sí ìdí láti máa ka oṣù. A ó gbà pé ṣíà bọ́nọ́ọ̀sì ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ oṣù kọkànlá ni wọ́n pín in. A ó sì padà lọ tún ti ọdún tó ṣáájú ṣe. Kódà bí ọdún bá ti parí kí bọ́nọ́ọ̀sì tó wáyé, bí àwọn olùdarí kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé ìṣirò, àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ká ní ilé-iṣẹ́ ìyá yìí fún olúkúlùkù ní ṣíà kan lórí kan, 900 mílíọ̀nù ìbá di 1,800 mílíọ̀nù. Bí èrè ọdún kejì bá jẹ́ 1,980 mílíọ̀nù náírà, èrè orí ṣíà á jẹ́ 110 kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gbé e ti 200 àtijọ́ á ké pé ilé-iṣẹ́ ti wó. Ṣùgbọ́n tí a bá tún ti ọdún àkọ́kọ́ ṣe, 100 kọ́bọ̀ ni. Èrè ti fi ìdá mẹ́wàá lọ sókè.

Ṣíà ẹ̀tọ́, tí àwọn búrókà ń pè ní ráìtì, ló ta kókó jù. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n kì í sábà tó iye ọjà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí àwọn báńkì tó ní ìwé àṣẹ láti ṣòwò ní òkè òkun ní olú-owó 500 bílíọ̀nù náírà. Ọ̀pọ̀ báńkì kọ́kọ́ yíjú sí àwọn oníṣíà wọn. Access Holdings fún tirẹ̀ ní àǹfààní láti ra ṣíà tuntun kan lórí méjì tí wọ́n ní, ní náírà 19.75, kí ó lè kó nǹkan bí 351 bílíọ̀nù náírà jọ.

Kan lórí méjì náà ni ilé-iṣẹ́ ìyá yìí ṣe, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún kejì. Náírà 20 ni ṣíà ń lọ lọ́jà ní ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ẹ̀tọ́ tó kúrò lára rẹ̀, náírà 14 ni wọ́n ta ti ẹ̀tọ́. Ẹni tó ní ṣíà méjì ní náírà 40 lọ́wọ́. Ó fi 14 kún un, ó di 54 lórí ṣíà mẹ́ta. Nípa ìṣirò, ṣíà kọ̀ọ̀kan di náírà 18.

Ṣíà tuntun jẹ́ 450 mílíọ̀nù, owó tó wọlé sì jẹ́ 6,300 mílíọ̀nù náírà. Ní náírà 18, 350 mílíọ̀nù ṣíà péré ni owó yẹn tó rà. Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù tó kù, ẹ̀bùn ni. Bọ́nọ́ọ̀sì ló fara pa mọ́ sínú ráìtì.

Nítorí náà, a ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀bùn 100 mílíọ̀nù ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ 900 di 1,000 mílíọ̀nù. Èyí tí a fowó rà ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ti 1,000 mílíọ̀nù ṣíà, oṣù mẹ́fà jẹ́ ti 1,350 mílíọ̀nù. Ìdajì wọn pa pọ̀ jẹ́ 1,175 mílíọ̀nù. Èrè ọdún kejì jẹ́ 2,350 mílíọ̀nù náírà, ó sì fún wa ní 200 kọ́bọ̀. Ti ọdún àkọ́kọ́, 1,800 tí a fi 1,000 pín, di 180 kọ́bọ̀.

Ibi tí 180 ti wá nìyẹn. Ẹni tó fi 200 ti ìwé àtijọ́ wé 200 ti ìwé tuntun á ní ilé-iṣẹ́ kò kúrò lójú kan. Ẹni tó fi gbogbo 1,350 mílíọ̀nù pín èrè ọdún kejì á rí 174, á ní ó ti rẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣìnà. Láti 180 dé 200 ni, ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ló fi gbèrú. Inú ìwé tuntun nìkan ni kí ẹ ti fi ọdún méjèèjì wéra. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú ti ìwé àtijọ́ wá, ẹ kọ́kọ́ wá àlàyé èrè orí ṣíà nínú ìwé tuntun kí ẹ mọ̀ bóyá bọ́nọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀tọ́ wáyé láàárín. Ṣùgbọ́n bí iye ẹ̀tọ́ kò bá rẹlẹ̀ sí ti ọjà, ẹ̀bùn kò sí nínú rẹ̀, iye àtijọ́ kò sì ní yí padà.

Mo bi ìyá léèrè ohun tí wọ́n fi ìwé ẹ̀tọ́ ṣe nígbà tí ó dé. Wọ́n ní ó wà nínú àpótí. Owó kò sí lọ́wọ́ nígbà náà. Ṣíà 2,000 ni wọ́n ní. Ẹ̀tọ́ láti fi náírà 14 ra ohun tí ó tó 18 tó náírà mẹ́rin, wọ́n sì ní ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀, tí wọn ì bá tà lọ́jà fún nǹkan bí 4,000 náírà kí àkókò tó kọjá. Ìṣirò ti ka ẹ̀bùn náà sí gbogbo ṣíà lọ́rùn, àti ẹni tó gbà á, àti ẹni tó fi í sínú àpótí.