Èló Gan-an Ni Kàmpálà Yáàdì Márùn-ún Ń Ná Ẹni Tó Ṣe É?

Bí oníbàárà bá dé ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, tó ń ná kàmpálà yáàdì márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí aládìrẹ búra fún un pé èrè òun lórí aṣọ náà ò tó nǹkan. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ọlọ́jà tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ, kódà èrè kékeré tó sọ pé òun jẹ lè má sí níbẹ̀ rárá. Owó aṣọ funfun, owó aró àti owó igi ìdáná ló kà. Àwọn ìnáwó kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kì í já rìsíìtì fún, àwọn ló sì ń jẹ ojú owó mọ́ aláró lọ́wọ́ láìjẹ́ kó fura.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdì kàmpálà mẹ́wàá, kí a sì ṣírò rẹ̀ dé òpin. Iye owó tí a ó lò kì í ṣe iye ọjà ti òní. Àpẹẹrẹ lásán ni, kí ìṣirò má bàa ṣòro. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà lè fi iye tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kà

Kàmpálà alábẹ́là la ń sọ. Aláró á kọ́kọ́ fọ aṣọ funfun náà kí èròjà líle tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ní ilé iṣẹ́ lè jáde, torí pé bó bá ṣẹ́kù sára aṣọ, aró kò ní wọlé dáadáa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, á yọ́ àbẹ́là lórí iná, á ti fóòmù tí a gé iṣẹ́ ọnà sí bọ inú rẹ̀, á sì máa fi tẹ aṣọ. Ibi tí àbẹ́là bá bò, aró kò ní dé ibẹ̀. Nígbà tí àbẹ́là bá gbẹ, aṣọ á wọ inú aró. Bí ó bá jáde níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí i, tí àwọ̀ sì ti dúró, wọn á tì í bọ inú omi gbígbóná kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò. Wọn á ṣàn án, wọn á sá a, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sì ká a.

Ká sọ pé yáàdì aṣọ funfun kan jẹ́ ₦1,500. Yáàdì márùn-ún di ₦7,500. Àbẹ́là, aró, kọ́sítíìkì àti haídírò fún gbogbo ìdì mẹ́wàá jẹ́ ₦24,000, èyí tó kan ìdì kan jẹ́ ₦2,400. Omi àti ohun ìdáná fún gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦8,000, ìyẹn ₦800 fún ìdì kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦10,700. Aláró tó bá dúró síbí, tó ta aṣọ náà ní ₦13,000, á sọ pé òun jèrè ₦2,300. Ẹ jẹ́ kí a di ₦13,000 yẹn mú.

Wákàtí tí ẹnikẹ́ni ò san owó rẹ̀

Owó iṣẹ́ ara ẹni ló rọrùn jù láti gbàgbé, nítorí pé kì í jáde nínú àpò. Kí aláró tó lè mọ̀ ọ́n, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún odindi iṣẹ́ kan: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan àti ìgbà tó parí rẹ̀. Kó má ka ìgbà tí aṣọ ń gbẹ lórí okùn tí òun ń ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n kó ka wákàtí tó fi lọ ra ọjà, kó sì ka ìgbà tó fi ń fọ ìkòkò àti ọpọ́n lẹ́yìn iṣẹ́.

Nínú àpẹẹrẹ wa, wákàtí mẹ́ta lọ sí ọjà rírà, méjì sí fífọ aṣọ àti nínà án, mẹ́wàá sí àbẹ́là títẹ̀, mẹ́ta sí aró, mẹ́rin sí omi gbígbóná àti ṣíṣàn, mẹ́ta sí lílọ̀ àti kíká. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, tí a bá pín in sí mẹ́wàá, ìdì kan gba wákàtí méjì ààbọ̀. Iye wo la ó fi sí wákàtí kan? Iye tí aláró á san fún ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà bó ṣe mọ̀ ọ́n ni kó lò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń gba ₦6,400 fún wákàtí mẹ́jọ, ₦800 ni wákàtí kan. Nítorí náà, ₦2,000 iṣẹ́ ló wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì ti di ₦12,700.

Ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ lè rò pé òun ti bọ́ nínú èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ń jẹun, ó ń wọkọ̀, ó sì ń gba àkókò ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe ń kọ́ṣẹ́. Owó yẹn náà yẹ kó wọ inú ìwé.

Aṣọ tó bàjẹ́

Ibí yìí ni ìṣirò ti máa ń wọ́. Kò sí aláró tí aṣọ kì í bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Àbẹ́là tí kò gbóná tó kì í wọ inú òwú, á kàn dúró lókè aṣọ, aró á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí omi aró bá gbóná jù, àbẹ́là á yọ́ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọnà á sì fọ́n ká.

Èyí tó tún ń ba aṣọ jẹ́ púpọ̀ ni haídírò tó ti rẹ̀. Iṣẹ́ haídírò àti kọ́sítíìkì ni láti mú kí aró yòrò nínú omi kó lè wọ inú òwú. Nígbà tí aṣọ bá jáde sí afẹ́fẹ́, àwọ̀ á padà bọ̀ sípò, á sì dúró sínú òwú. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń pa agbára haídírò. Bí a bá fi agolo rẹ̀ sílẹ̀ láìdé, lúbúlúbú inú rẹ̀ ṣì lè wà bẹ́ẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n aró tí a pò pẹ̀lú rẹ̀ kò ní yòrò tán. Orí aṣọ lásán ni irú aró bẹ́ẹ̀ á dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó kọ́kọ́ ki àjákù aṣọ kan bọ inú aró. Bí àwọ̀ rẹ̀ ò bá yí padà nígbà tó kan afẹ́fẹ́, tàbí tó ń ṣí lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí a ṣàn án, aró náà ò ì tíì ṣeé lò.

Ká sọ pé ìdì kan bàjẹ́ nínú mẹ́wàá, tí aláró sì rí i tà ní ₦5,000 fún ẹni tó fẹ́ fi rán àpò ìrọ̀rí. Owó ìdì mẹ́wàá jẹ́ ₦127,000. Bí a bá yọ ₦5,000 kúrò, ó ku ₦122,000. Mẹ́sàn-án tó dára ni yóò gbé e. Ìdì kan ti di nǹkan bíi ₦13,560. A ò tíì mẹ́nu kan ìsọ̀, ₦13,000 tí aláró fẹ́ ta aṣọ rẹ̀ sì ti dín sí owó tó ná an.

Bó bá jẹ́ méjì ló bàjẹ́, ìdì mẹ́jọ yòókù á máa gbé ₦14,625 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ìdì kan péré tó tún bàjẹ́ ti fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà kún owó ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó dára. Ẹni tó ra haídírò olówó pọ́ọ́kú kó lè fi ọgọ́rùn-ún náírà pamọ́ lórí ìdì kan kò rí ibi tí owó ti ń jò. Àríyànjiyàn lórí èròjà aró kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì jẹ́ Aláké, ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó di ìjà láàárín àwọn aláró Ẹ̀gbá àti ààfin. Àwọn aláró fẹ́ èyí tó yá tó sì dínwó, ẹ̀hónú àwọn oníbàárà sì dá lórí aṣọ tó ń ṣí.

Ìsọ̀, ohun èlò àti ọjà tó ń bọ̀

Ìkòkò, sítóòfù, ọpọ́n, áyọ́ọ̀nù, fóòmù àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í ṣe ohun tí a rà lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀rọ̀ parí. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ₦180,000 tí wọ́n sì lè lo ọdún méjì, ₦7,500 ló ń gbó lára wọn lóṣù. Ká fi owó ìsọ̀, owó ẹgbẹ́ àti owó ìpè kún un, ká pe gbogbo rẹ̀ ní ₦30,000 lóṣù. Bí aláró bá ń ta ìdì ọgbọ̀n lóṣù, ₦1,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló rí tà, ₦2,000 ni. Ọ̀rá, ọkọ̀ àti owó tí báńkì ń yọ jẹ́ ₦400. Owó ìdì kan ti di ₦14,960.

Ó ku ohun kan tó ń rọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ lásìkò ọ̀wọ́n yìí. Bí yáàdì aṣọ funfun bá ti di ₦1,700 nígbà tí aláró fi máa padà sọ́jà, ìdì mẹ́wàá tó kàn yóò fi ₦10,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó yẹn, ibo ni yóò ti wá bí kò bá ti ara èyí tó ń tà lónìí? Iye tí yóò fi ra aṣọ mìíràn ló yẹ kó fi ṣírò, kì í ṣe iye tó ra èyí tó wà nílẹ̀. Pín ₦10,000 sí mẹ́sàn-án, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦1,110. Owó tó wà lára ìdì kan wá di ₦16,070, kò sì tíì sí èrè kankan nínú rẹ̀.

Ibi tí ìdúnàádúrà lè dé

Ẹni tó mọ iye wọ̀nyí mọ ibi tó lè dínwó dé. Bí oṣù bá ń parí lọ tí ọjà sì kú, ó lè yọ ₦1,000 ti ìsọ̀ àti ohun èlò kúrò, kó gba ₦15,070, torí pé òun náà ni yóò san owó ìsọ̀, bó tà, bó ò tà. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́ fún ọjọ́ kan, ó sì ku nǹkan bíi ₦12,850. Nísàlẹ̀ iye yìí, owó tó gbà kò ní lè ra aṣọ funfun mìíràn, ojú owó gan-an ló ń tà.

Ní báyìí, kí ni ₦13,000 tí a dì mú jẹ́? Ó fi nǹkan bíi ₦150 lé ibi tí ojú owó ti ń jó. Ohun tí aláró pè ní èrè ₦2,300 jẹ́ ₦150 fún wákàtí méjì ààbọ̀ iṣẹ́, ìsọ̀ àti ohun èlò ò sì rí ohunkóhun gbà níbẹ̀. Bó bá fẹ́ dínwó fún oníbàárà láìpa ara rẹ̀ lára, inú àbẹ́là títẹ̀ tó ń gba wákàtí mẹ́wàá ni kó ti wá a, nípa gígé fóòmù tó tóbi sí i kó lè tẹ aṣọ kíá. Inú aṣọ tó ń bàjẹ́ náà sì ni, nípa dídé agolo haídírò pa kó sì fi àjákù dán aró wò.