Kí Wọ́n Tó Tú Ṣílà Àtijọ́ Kúrò

Ṣílà ni ẹ̀rọ ńlá tó ń mú omi tutù, tí omi náà á sì gba inú páìpù lọ mú gbogbo ilé tutù. Bí kọ́ńtírátọ̀ bá sọ pé tuntun yóò dín iná kù, ìgbà tí àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iná. Bí wọ́n bá ti tà á fún àwọn tó ń ra irin, kò sẹ́ni tó lè wọn ohun tó ń jẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Bíìlì iná nìkan kò tó, nítorí NẸ́PÀ àti jẹnẹrétọ̀ ló jọ ń gbé ṣílà. Mítà tirẹ̀ ni ká fi sí wáyà tó ń wọ inú rẹ̀, ká máa kọ yúnìtì tó jẹ lójoojúmọ́ àti bí ìta ṣe gbóná tó, fún ọdún kan gbáko. Ohun tí a bá kọ ní oṣù kẹjọ nìkan, nígbà tí ìlú tutù, kò lè sọ ohun tí ṣílà náà máa jẹ ní oṣù kẹta.

Bí a bá fi àmì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí pépà, ooru nísàlẹ̀, yúnìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tò gòkè. Kọ̀ǹpútà á wá ìlà tó sún mọ́ gbogbo wọn jù lọ. Ká ní èyí ló jáde fún ọjọ́ iṣẹ́ kan:

```
E = 1000 + 250 × (T − 22)
```

E ni yúnìtì, T ni ìwọ̀n ooru ìta. Bí àwọn àmì bá fọ́n ká jìnnà sí ìlà, nǹkan mìíràn ló ń darí ẹ̀rọ náà. Ní Èkó, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí ooru ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti oṣù dé oṣù.

Ní oṣù kẹta èṣí, ooru jẹ́ 28, ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ 20, ṣílà àtijọ́ jẹ 50,000 yúnìtì. Lọ́dún yìí tuntun ti dé, ooru jẹ́ 29, ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ 22, mítà sì ka 44,000. Ẹni tó bá kàn fi wọ́n wéra á ní 6,000 péré la rí dín kù. Ohun tó yẹ ká bi ni iye tí àtijọ́ ìbá jẹ nínú ooru ọdún yìí: 2,750 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, ìyẹn 60,500. Ohun tó dín kù di 16,500.

Ó ku ohun kan tí ooru kò lè ṣàlàyé. Wọ́n ti ṣí yàrá kọ̀ǹpútà tuntun, tó ń tú ooru kílówáàtì 30 jáde fún wákàtí 10 lójúmọ́. Bí kílówáàtì iná kan bá ń jẹ́ kí àtijọ́ gbé ooru kílówáàtì mẹ́rin kúrò, yàrá yìí ìbá gba 7.5 lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn 1,650 yúnìtì lóṣù. A fi kún 60,500, ohun tó dín kù sì di 18,150. Ibí ni àwọn kan ti ń ṣìṣe: agbára ṣílà tuntun ni wọ́n fi ń ṣírò ti yàrá náà, nígbà tó jẹ́ pé àtijọ́ là ń bi.

Àfikún bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀rí: mítà lórí yàrá náà àti ọjọ́ tí wọ́n tan án. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IPMVP fẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀nà ìṣirò yìí sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí kọ́ńtírátọ̀ tó ń gba owó lórí ohun tó dín kù kì í gbàgbé àfikún. Bí onílé bá ti àjà kan pa láàárín ọdún, ó yẹ kí wọ́n yọ tiẹ̀ náà.