Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Iye Tí A Kọ́kọ́ Pè Nínú Ìdúnàádúrà

Iye tí a kọ́kọ́ pè máa ń fa ìdáhùn ẹnìkejì mọ́ra, nítorí pé ọkàn olùgbọ́ yóò máa wá ìdí tí ó fi lè tọ́. Bí oníṣòwò bá pe aṣọ tí ìsọ̀ mìíràn ń tà ní ₦15,000 ní ₦40,000, tí oníbàárà sì ná an ní ₦12,000, àárín méjèèjì, ₦26,000, ṣì ga jù. Ìwádìí Adam Galinsky àti Thomas Mussweiler ní 2001 fi hàn pé agbára iye àkọ́kọ́ ń dín kù bí olùgbọ́ bá gbájú mọ́ iye tí òun ń lépa. Nítorí náà, kí oníbàárà tó ná an rárá, ó yẹ kí ó kọ ₦40,000 gbangba, kí ó sì fi ₦15,000 ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀.