Ìdúró Láàárín Nígbà Tí Ọjà Ìpín Bá Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fò Sókè

Ìwé ìwòye ọjà ni àkọsílẹ̀ tí alágbàtà ìpín ìdókòwò máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, láti sọ bí ó ṣe rí ọjà sí fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tó ń bọ̀. Ó lè ní kí wọ́n fi kún ìpín tí wọ́n ní, kí wọ́n dín in kù, tàbí kí wọ́n dúró láàárín. Ẹ̀kẹta yìí ló nira jù láti ṣàlàyé lẹ́yìn tí ọjà bá fò sókè, torí pé ẹni tó ti jèrè fẹ́ rà sí i, ẹni tí kò sì rà rárá ń bẹ̀rù pé òun ti pẹ́ jù.

Ọjà Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 jẹ́ àpẹẹrẹ tó yẹ kí a wò dáadáa. Atọ́ka gbogbo ìpín, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí ọjà náà ṣe ń lọ, parí ọdún 2023 sí 74,773. Nígbà tí oṣù Kìíní fi máa parí, ó ti dé 101,154. Ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi gòkè láàárín oṣù kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọdún 2023 kò mú ju bíi ìdá 46 wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùtúpalẹ̀ ọjà ń béèrè ni pé ta ló gbé atọ́ka náà sókè. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni agbára rẹ̀ nínú atọ́ka yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ìpín sìmẹ́ǹtì Dangote nìkan kúrò ní nǹkan bíi náírà 320 ó sì dé 763 nínú oṣù yẹn. Níbi tí irú òmìrán bẹ́ẹ̀ bá ti fò, atọ́ka á fò tẹ̀lé e, kódà bí ọ̀pọ̀ ìpín kéékèèké kò bá rìn jìnnà.

Ohun kejì ni èrè. Ká ní ìpín kan tí wọ́n ń tà ní náírà 100 ń pa èrè náírà 10 lọ́dún, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí owó rẹ̀ bá di 135 tí èrè kò sì yí padà, ìdá náà ti di 7.4. Iyebíye ni ìyàtọ̀ yìí nígbà tí ìjọba náà bá ń wá owó yá. Nínú oṣù Kìíní, èlé ìwé ìyáwó ìjọba ọlọ́dún kan, tírẹ́sórì bíìlì, kò tó ìdá 12. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, ó fò sí 19. Ẹni tó rà á san bíi náírà 81 láti gba 100 lẹ́yìn ọdún kan, èyí tó jẹ́ èrè tó lé ní ìdá 23 lórí owó tó fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, báńkì àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ láti 18.75 sí 22.75.

Kí ló dé tí ìwé náà kò fi ní kí wọ́n tà gbogbo rẹ̀? Ọ̀wọ́n ọjà ni ìdí. Ní oṣù Kìíní yẹn, ìdá 29.9 ni iye tí owó ọjà fi lé sí ti ọdún tó ṣáájú. Èrè bíìlì pàápàá kò bá a. Ilé-iṣẹ́ tó lè fi owó lé ọjà tirẹ̀ sì lè dáàbò bo olówó díẹ̀. Ẹ̀rí wà lápá méjèèjì, ìyẹn ló sọ ìdúró àárín di ìdáhùn òtítọ́.

Àmọ́ ìdúró láàárín kì í ṣe kíká ọwọ́ gbera. Ká wo oníbàárà kan tó ní mílíọ̀nù kan náírà, tó fẹ́ kí ìdá 40 wà nínú ìpín, kí ìyókù wà nínú bíìlì. Náírà 400,000 tó wà nínú ìpín ti di 540,000, gbogbo owó rẹ̀ sì ti di 1,140,000, láì ka èlé oṣù kan lórí bíìlì. Ìpín ti wá kó ju ìdá 47 lọ. Láti padà sí ìdá 40, ó gbọ́dọ̀ ní 456,000 péré nínú ìpín, nítorí náà yóò ta 84,000. Bí kò bá tà, ewu tó gbé lọ́wọ́ ti ju èyí tó fọwọ́ sí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ra ohunkóhun.

Ìwé tó dára tún máa ń sọ ohun tó lè yí èrò rẹ̀ padà: bí èlé bíìlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tàbí bí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ bá lé owó ìpín bá, ó lè ní kí wọ́n rà sí i, bí èrè bá já wálẹ̀, kí wọ́n dín in kù. Èyí tí kò bá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí kò sì sọ iye oṣù tó ń wò, ń fi àárín sá pamọ́ ni.

Atọ́ka náà sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ 100,000 láàárín ọdún, ó sì parí ọdún 2024 sí 102,926, èyí tí kò fi ìdá méjì ju ti ìparí oṣù Kìíní lọ. Ìpín sìmẹ́ǹtì Dangote padà sí 478.8. Ṣùgbọ́n ìpín Oando parí ọdún náà ní iye tó ju ìlọ́po mẹ́fà ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ, torí pé ìdúró láàárín lórí atọ́ka kò sọ ohunkóhun nípa ìpín kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀.